Nígbà tí Ọjọ́ Karùn-ún Oṣù Kẹta Bá Di Ọjọ́ Kẹta Oṣù Karùn-ún

Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó bá ń fi Excel ṣe ìṣirò owó ẹgbẹ́ mọ iṣẹ́ yìí dáadáa. Lóṣooṣù, áàpù tí ẹgbẹ́ fi ń san owó jáde máa ń fún un ní fáìlì kan. Orúkọ àwọn tó yáwó wà níbẹ̀, iye tí wọ́n yá wà níbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n gbà á náà wà níbẹ̀. Ohun méjì ni akọ̀wé fẹ́ fi fáìlì náà ṣe. Ó fẹ́ to àwọn ẹ̀yáwó náà láti orí èyí tó pẹ́ jù dé orí èyí tó dé kẹ́yìn, ó sì fẹ́ mọ iye ọjọ́ tí owó kọ̀ọ̀kan ti lò lọ́wọ́ ẹni tó yá a. Ṣùgbọ́n nígbà tó tò ó tán, owó tí wọ́n yá lóṣù karùn-ún ló wà lókè pátápátá, èyí tí wọ́n yá lóṣù kẹta sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Níbi tí iye ọjọ́ yẹ kó wà, àpótí kan kọ `#VALUE!`, òmíràn kọ nọ́ńbà tó dín sí òdo.

Kọ̀ǹpútà kò bàjẹ́, áàpù kò sì parọ́. Àwọn ọjọ́ inú fáìlì náà ni kò tíì di ọjọ́ ní ojú Excel, tàbí kí wọ́n ti di ọjọ́ mìíràn. Àwọn méjèèjì yìí kò rí bákan náà rárá. Èyí tí kò tíì di ọjọ́ máa ń pariwo, ẹnikẹ́ni á sì rí `#VALUE!` lójú rẹ̀. Èyí tó ti di ọjọ́ mìíràn kì í sọ nǹkan kan. Òun ló yẹ kí a kọ́kọ́ wá, nítorí ẹni tó bá tún àwọn tó ń pariwo ṣe, tó sì fi àwọn tó dákẹ́ sílẹ̀, ti mú ìwé tí àṣìṣe rẹ̀ hàn, ó sì ti sọ ọ́ di ìwé tí àṣìṣe rẹ̀ fara pamọ́.

Nọ́ńbà ni Excel ń kà

Excel kò mọ oṣù kẹta yàtọ̀ sí oṣù karùn-ún. Ọjọ́ tó ń lọ ní tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé ló mọ̀. Ó pe ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900 ní 1, ó pe ọjọ́ kejì rẹ̀ ní 2, ó sì ń kà á bọ̀ bẹ́ẹ̀ láìdúró. Nígbà tó fi máa dé ọjọ́ kìíní ọdún 2024, ó ti ka 45292. Ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹta ọdún yẹn jẹ́ 45356, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún sì jẹ́ 45443. Bí a bá fẹ́ mọ iye ọjọ́ tó wà láàárín àwọn méjèèjì, a ó kàn yọ kékeré kúrò nínú ńlá, yóò ṣẹ́ ku 87. Bí a bá sì fẹ́ tò wọ́n, nọ́ńbà tó kéré ló máa ṣáájú. Gbogbo ohun tí Excel lè fi ọjọ́ ṣe, orí nọ́ńbà yìí ló dúró lé.

Ohun tí ojú wa ń rí nínú àpótí, yálà 05/03/2024 tàbí 5-Mar-24, aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún nọ́ńbà ni. A lè pààrọ̀ aṣọ náà nígbàkígbà nípasẹ̀ `Format Cells`, nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kò ní yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó wá láti inú ètò kọ̀ǹpútà mìíràn lè má ní nọ́ńbà kankan lábẹ́. Ó lè jẹ́ àmì mẹ́wàá tí wọ́n tò síra wọn: òdo, márùn-ún, ìlà dídagun, òdo, mẹ́ta, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Lójú Excel, ọ̀rọ̀ lásán nìyẹn, bí ìgbà tí ènìyàn kọ orúkọ sínú àpótí. Bí a bá ní kó tò ó, ó máa tò ó bí a ṣe ń to orúkọ, láti ọwọ́ òsì lọ sí ọ̀tún. Àmì àkọ́kọ́ ni yóò kọ́kọ́ wò. Nítorí náà 02/05/2024 máa ṣáájú 05/03/2024, nítorí pé 02 kéré sí 05. Kò tilẹ̀ ní dé orí oṣù, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọdún.

Bí a ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ àti èyí tó jẹ́ ọjọ́ kò le. Bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì fọwọ́ kan bí òpó náà ṣe tò, ọ̀rọ̀ máa ń fara ti apá òsì àpótí, nọ́ńbà máa ń fara ti apá ọ̀tún. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀rí tó dájú jù bẹ́ẹ̀ lọ lè kọ fọ́múlà yìí sí òpó tó ṣófo, kó sì fà á dé ìsàlẹ̀:

```
=ISNUMBER(C2)
```

`TRUE` túmọ̀ sí pé nọ́ńbà wà níbẹ̀, `FALSE` túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ ni. Àmọ́ ẹ má ṣe yára yọ̀ mọ́ `TRUE`. Ó sọ fún wa pé ọjọ́ kan wà nínú àpótí, kò sọ pé ọjọ́ tí a fẹ́ ni.

Ta ló yí ọjọ́ padà?

Fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí `.csv` ni ọ̀pọ̀ áàpù àti báǹkì máa ń fúnni. Fáìlì yìí rọrùn, gbogbo ètò kọ̀ǹpútà ló lè kà á, nítorí pé ọ̀rọ̀ àti kọ́mà nìkan ló wà nínú rẹ̀. Kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tó sọ pé òpó kẹta jẹ́ ọjọ́, kò sì sí ohun tó sọ bóyá ọjọ́ ló ṣáájú oṣù tàbí oṣù ló ṣáájú ọjọ́.

Nígbà tí a bá tẹ fáìlì náà lẹ́ẹ̀mejì kó lè ṣí, Excel kì í bi wá ní ìbéèrè. Ó máa wo bí wọ́n ṣe ṣètò Windows sí orílẹ̀-èdè kan, yóò sì fi ìyẹn méfò. Bí ètò náà bá jẹ́ `English (United Kingdom)`, ó máa gbà pé ọjọ́ ló ṣáájú, gẹ́gẹ́ bí àwa ní Nàìjíríà ṣe ń kọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ `English (United States)`, ó máa gbà pé oṣù ló ṣáájú, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń kọ ọ́. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n lò ní Amẹ́ríkà kó tó dé ọjà kọ̀ǹpútà Ìkẹjà sábà máa ń wà lórí ètò ti Amẹ́ríkà. Ẹni tó rà á lè lò ó fún ọdún mẹ́ta láìmọ̀, nítorí pé kò sí ohun tí ètò yìí bàjẹ́ nínú lẹ́tà kíkọ tàbí fíìmù wíwò.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀yáwó márùn-ún wò ó. Báyìí ni òpó ọjọ́ ṣe rí nínú fáìlì tó wá láti inú áàpù, ọjọ́ ló ṣáájú, oṣù tẹ̀ lé e:

```
05/03/2024
18/03/2024
11/04/2024
29/04/2024
02/05/2024
```

Wọ́n wà ní òpó C, láti ìlà kejì dé ìlà kẹfà, ìlà kìíní sì jẹ́ ti àkọlé. Gbogbo wọn bọ́ sáàárín oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, wọ́n sì ti wà ní tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé láti inú áàpù wá. A wá ṣí fáìlì náà lórí kọ̀ǹpútà tó wà lórí ètò Amẹ́ríkà.

Ìlà kejì ni 05/03/2024. Excel wò ó, ó rí oṣù karùn-ún, ó rí ọjọ́ kẹta, ó gbà á wọlé, ó sì fi 45415 pamọ́ sínú àpótí. Ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún nìyẹn. Ìlà kẹta ni 18/03/2024. Kò sí oṣù kejìdínlógún, nítorí náà Excel fi í sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀. Ìlà kẹrin, 11/04/2024, di ọjọ́ kẹrin oṣù kọkànlá. Ìlà karùn-ún, 29/04/2024, ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀. Ìlà kẹfà, 02/05/2024, di ọjọ́ karùn-ún oṣù kejì.

Ẹ kíyè sí i pé ọjọ́ inú oṣù ló pinnu ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí ọjọ́ bá ti ju 12 lọ, ó di ọ̀rọ̀. Bí kò bá ju 12 lọ, ó di ọjọ́ mìíràn, àfi bí nọ́ńbà ọjọ́ àti ti oṣù bá dọ́gba, bí ọjọ́ kẹta oṣù kẹta, tó jẹ́ pé bí a bá yí i padà kò sí ìyàtọ̀. Nínú oṣù tó ní ọgbọ̀n ọjọ́, ọjọ́ méjìdínlógún ni yóò di ọ̀rọ̀, ọjọ́ kan ni yóò wà bó ṣe yẹ, mọ́kànlá ni yóò sì sọnù sí oṣù tí kì í ṣe tiwọn.

Ìṣirò tó jọ òótọ́

Ká ní ìpàdé ẹgbẹ́ jẹ́ ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún, òfin ẹgbẹ́ sì ni pé ẹni tí owó bá ti pé lọ́wọ́ rẹ̀ ju àádọ́rùn-ún ọjọ́ lọ máa san owó ìtanràn. Akọ̀wé kọ fọ́múlà yìí sí òpó tó ṣófo:

```
=DATE(2024,5,31)-C2
```

Ìlà kẹta àti ìlà karùn-ún dáhùn pẹ̀lú `#VALUE!`, nítorí pé Excel kò lè yọ ọ̀rọ̀ kúrò nínú nọ́ńbà. Ìlà kẹrin mú −157 jáde, bí ẹni pé owó tí wọ́n ti ná tán kò ní jáde títí di oṣù kọkànlá. Akọ̀wé tó lójú yóò rí àwọn mẹ́ta yìí.

Ìlà kejì ní tirẹ̀ sọ pé 28. Kò sí ohun tó burú nínú 28 lójú ẹni tó ń wò ó. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí owó náà ti lò ní tòótọ́ jẹ́ 87, ó ku ọjọ́ mẹ́ta péré kó pé àádọ́rùn-ún, kò sì sí ẹni tó máa rán ẹni tó yá a létí. Ìlà kẹfà sọ pé 116. Ọjọ́ 29 péré ni owó yẹn tíì lò, síbẹ̀ lẹ́tà ìtanràn máa lọ bá ẹni tó gbà á. Bí ó bá fi ìbínú wá sí ìpàdé, tí akọ̀wé sì ṣí ìwé láti fi ẹ̀rí hàn án, ìwé náà máa gbe akọ̀wé. Ọjọ́ karùn-ún oṣù kejì ló wà níbẹ̀, kedere.

Àmì mẹ́ta ló wà tí a fi lè mọ̀ pé irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Àkọ́kọ́ ni òdo iwájú. Lórí ètò Amẹ́ríkà, ọjọ́ tí Excel ti gbà wọlé máa ń hàn bíi 5/3/2024, òdo ti lọ, nígbà tí èyí tó ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ máa ń dá òdo tirẹ̀ dúró, bíi 18/03/2024. Òpó kan tí àwọn kan ní òdo, tí àwọn kan kò ní, tí àwọn kan fara ti òsì, tí àwọn kan fara ti ọ̀tún, ti jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀.

Àmì kejì hàn bí a bá yí ìrísí òpó náà padà sí èyí tó ń kọ orúkọ oṣù. Fáìlì tó yẹ kó ní oṣù mẹ́ta nìkan nínú máa wá tú ká láti oṣù kìíní dé ìkejìlá. Bẹ́ẹ̀, bí a bá wo ọjọ́ inú oṣù, ọjọ́ kẹta, ìkẹrin àti ìkarùn-ún nìkan la ó máa rí. Kò sí ẹgbẹ́ tó ń yá ènìyàn lówó ní ọjọ́ kẹta, ìkẹrin àti ìkarùn-ún nìkan. Àmì kẹta ni ọjọ́ tí kò tíì dé: bí owó tí wọ́n ti san jáde bá ní ọjọ́ oṣù tó ń bọ̀, ẹ má ṣe ka ohunkóhun mọ́ nínú òpó yẹn.

Àwọn kan máa ń rò pé àwọn á kàn lọ sínú ètò Windows, àwọn á sọ ọ́ di ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo rẹ̀ á sì dára. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà 45415 ti wọ inú àpótí. Bí a bá yí ètò padà lẹ́yìn náà, aṣọ nìkan ló máa yí: 5/3/2024 á wá máa hàn bíi 03/05/2024, ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún náà ló sì ṣì jẹ́. Nísinsìnyí tilẹ̀ ni yóò ṣòro jù láti mọ̀, nítorí pé òdo iwájú ti padà dé.

Ẹ padà sí orísun

Bí fáìlì àkọ́kọ́ bá ṣì wà lọ́wọ́, àtúnṣe tó dára jù ni pé kí ẹ pa èyí tó ti dàrú tì, kí ẹ má sì dá a pamọ́ lé orí fáìlì náà. Ẹ mú fáìlì `.csv` náà, kí ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ sì yí ìparí orúkọ ẹ̀dà náà padà sí `.txt`. Bí ìparí orúkọ fáìlì kò bá hàn lórí Windows 11, ẹ tẹ `View`, ẹ tẹ `Show`, kí ẹ sì yan `File name extensions`.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣí Excel fúnra rẹ̀, kí ẹ wá ṣí fáìlì `.txt` náà láti inú `File` àti `Open`. Lọ́tẹ̀ yìí Excel á béèrè. Fèrèsé kan tí wọ́n ń pè ní `Text Import Wizard` máa yọ, ìgbésẹ̀ mẹ́ta ló sì ní. Ní ìgbésẹ̀ kìíní, ẹ yan `Delimited`. Ní ìkejì, ẹ yan `Comma`, kí ẹ rí i pé ìlà ti pín òpó kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ nínú àwòrán tó wà nísàlẹ̀ fèrèsé. Ìgbésẹ̀ kẹta ló ṣe pàtàkì: ẹ tẹ òpó ọjọ́ kó yí àwọ̀ padà, ẹ yan `Date`, kí ẹ sì yan `DMY` nínú àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn lẹ́tà mẹ́ta yìí ń sọ ètò tí ọjọ́ fi wà nínú *fáìlì*: ọjọ́, oṣù, ọdún. Wọn kò sọ bí a ṣe fẹ́ kó hàn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í, wọ́n á yan `MDY` nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà wọn ṣe ń kọ ọ́. Ẹ tẹ `Finish`. Gbogbo ìlà máa di ọjọ́ tòótọ́, ohun yòówù kí ètò Windows jẹ́.

Ọ̀nà kan náà wà fún òpó tó ti wà nínú Excel ṣùgbọ́n tí gbogbo rẹ̀, láìku ẹyọ kan, ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀. Ẹ yan òpó náà, ẹ lọ sí `Data`, ẹ tẹ `Text to Columns`, ẹ yan `Delimited`. Ní ìgbésẹ̀ kejì ẹ yọ gbogbo àmì tó wà nínú àwọn àpótí kékeré kúrò, kí ẹ sì yan `DMY` ní ìkẹta bíi ti ìṣáájú. Ẹ má ṣe lò ó fún òpó tó jẹ́ àdàlù ọ̀rọ̀ àti ọjọ́. Àwọn tó ti di ọjọ́ mìíràn nílò ìtọ́jú tiwọn.

Ní ti Google Sheets, ibi tí a ti ń sọ orílẹ̀-èdè wà nínú `File`, `Settings`, `Locale`. Kí a tó kó fáìlì wọlé ni ká ti tún un ṣe, nítorí lẹ́yìn tó bá ti wọlé tán, ọ̀rọ̀ aṣọ àti nọ́ńbà yẹn náà ló máa jẹ́.

Bí orísun bá ti sọnù

Nígbà mìíràn fáìlì àkọ́kọ́ kò sí mọ́. Ẹnìkan ti ṣí i, ó ti dá a pamọ́, ó ti fi ránṣẹ́, ohun tó kù lọ́wọ́ ni òpó aládàlù yẹn. Ó ṣì ṣeé tún ṣe, nítorí pé àṣìṣe náà ní ìlànà. Èyí tó ti di nọ́ńbà, ọjọ́ àti oṣù rẹ̀ ló pààrọ̀ ipò. Èyí tó ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀ láìyingin. Fọ́múlà kan lè tọ́jú àwọn méjèèjì. Ẹ kọ ọ́ sí D2, kí ẹ sì fà á dé ìsàlẹ̀:

```
=IF(ISNUMBER(C2),
 DATE(YEAR(C2),DAY(C2),MONTH(C2)),
 DATE(RIGHT(C2,4),MID(C2,4,2),LEFT(C2,2)))
```

`DATE` máa ń gba nǹkan mẹ́ta, ọdún ni àkọ́kọ́, oṣù ni ìkejì, ọjọ́ ni ìkẹta. Ìlà kìíní nínú fọ́múlà béèrè bóyá nọ́ńbà ló wà nínú C2. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìlà kejì mú ọdún bó ṣe wà, ó fi ohun tí Excel pè ní ọjọ́ sí ipò oṣù, ó sì fi ohun tó pè ní oṣù sí ipò ọjọ́. Ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún padà di ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹta. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀, ìlà kẹta gé e sí wẹ́wẹ́: àmì mẹ́rin tó kẹ́yìn ni ọdún, àmì méjì láti ipò kẹrin ni oṣù, àmì méjì àkọ́kọ́ ni ọjọ́. Nínú àpẹẹrẹ wa, ìlà kẹta á mú 45369 jáde, èyí tí í ṣe ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹta. Bí nọ́ńbà lásán bá hàn, ẹ fi `Format Cells` wọ aṣọ ọjọ́ fún un.

Fọ́múlà yìí ní ààlà, ó sì yẹ ká mọ̀ ọ́n. Gígé tó ń gé ọ̀rọ̀ gbára lé e pé ọjọ́ àti oṣù ní àmì méjì-méjì. Bí áàpù bá ń kọ 18/3/2024 láìsí òdo, ibi tí ó máa gé kò ní bọ́ sí i. Ohun tó tún léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kí a lo fọ́múlà náà fún òpó tí kò dàrú. `DATE` kì í kọ oṣù tí kò sí. Bí a bá fún un ní oṣù kejìdínlógún ọdún 2024, ó máa ka oṣù méjìlá tán, yóò ka mẹ́fà sí i, yóò sì gbé wa dé oṣù kẹfà ọdún 2025 láìbéèrè. Nítorí náà, kí a tó lò ó, ká ti rí àmì tí a sọ lókè. Ẹ̀ẹ̀kan péré náà ni ká sì lò ó, nítorí bí a bá lò ó lẹ́ẹ̀kejì lórí èsì rẹ̀, á tún da gbogbo rẹ̀ rú.

Ohun kan tún máa ń dí fọ́múlà lọ́wọ́, pàápàá bí a bá ṣe ẹ̀dà ọjọ́ láti ojú ìwé báǹkì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì: àlàfo tí ojú kò rí. Ọjọ́ tó hàn bíi 18/03/2024 yẹ kó jẹ́ àmì mẹ́wàá. Bí `=LEN(C3)` bá sọ pé 11, àmì kan fara pamọ́ síbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àlàfo lásán, `TRIM` á yọ ọ́ kúrò. Ṣùgbọ́n èyí tó wá láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń jẹ́ àlàfo mìíràn tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 160, `TRIM` kò sì mọ̀ ọ́n. Èyí ni a fi ń lé e jáde:

```
=SUBSTITUTE(C3,CHAR(160),"")
```

Kí a tó gbà pé ó ti tọ́

Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ kọ́kọ́ kà wọ́n. `=COUNT(D2:D6)` máa ń ka nọ́ńbà nìkan, nítorí náà ìlà márùn-ún gbọ́dọ̀ mú 5 jáde. Bí ó bá dín, ọ̀rọ̀ ṣì kù. Lẹ́yìn náà, ẹ fi `=MIN(D2:D6)` àti `=MAX(D2:D6)` wo ọjọ́ tó ṣáájú jù àti èyí tó kẹ́yìn jù. Nínú àpẹẹrẹ wa, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹta àti ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún ló yẹ kó yọ. Ní ìparí, ẹ mú ìwé ẹ̀rí owó mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n fi ọwọ́ kọ, kí ẹ fi wọ́n wé ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ má ṣe mú èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ju 12 lọ, nítorí pé ìyẹn kò lè ṣi ipò pààrọ̀ láìpariwo. Àwọn ọjọ́ kékeré ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Bí ọjọ́ bá ti tọ́, yíyọ rẹ̀ á rọrùn: 87, 74, 50, 32, 29. Àpótí tí a yọ ọ́ sí lè kọ́kọ́ fi ọjọ́ kan nínú ọdún 1900 hàn dípò 87, nítorí pé Excel wọ aṣọ ọjọ́ fún iye ọjọ́. Ẹ yí ìrísí rẹ̀ padà sí `General`.

Ìbéèrè kan ló kù tí kọ̀ǹpútà kò lè dáhùn fún ẹgbẹ́. Excel kì í ka ọjọ́ tí wọ́n gba owó mọ́ ọn. Owó tí wọ́n gbà lónìí ti lò ọjọ́ òdo títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àwa kì í kà á bẹ́ẹ̀ nílé. Ọjà tí wọ́n ń ná ní ọrọọrún, ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ló ń padà dé bí a bá fi ìyọkúrò ṣe é, nítorí pé àwọn àgbà ka ọjọ́ tí wọ́n ná an mọ́ ọn. Bí ẹgbẹ́ bá ń ka ọjọ́ tí owó jáde gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ kìíní, ẹ fi 1 kún fọ́múlà. Lórí òfin àádọ́rùn-ún ọjọ́, ọjọ́ kan yìí lè pinnu ẹni tó máa san ìtanràn, nítorí náà inú ìwé òfin ẹgbẹ́ ló yẹ kó wà, kì í ṣe inú orí akọ̀wé.

Ní ti fáìlì oṣù tó ń bọ̀, ẹ bi àwọn tó ni áàpù náà bóyá wọ́n lè máa kọ ọjọ́ báyìí: 2024-03-05. Ọdún ló ṣáájú, oṣù tẹ̀ lé e, ọjọ́ kẹ́yìn. Ìlànà tí gbogbo ayé fọwọ́ sí ni, ISO 8601 ni orúkọ rẹ̀, ọdún 1988 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde. Excel kì í ṣì í kà, yálà kọ̀ǹpútà wà lórí ètò Amẹ́ríkà tàbí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ó bá sì ṣèèṣì wọlé gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀, á ṣì ṣeé tò, nítorí pé ọdún ni Excel máa kọ́kọ́ bá pàdé láti ọwọ́ òsì. Ọ̀pọ̀ áàpù ló ní ibi tí a ti lè yan èyí nínú ètò wọn, kó tó di pé wọ́n tú fáìlì sílẹ̀. Bí wọn kò bá ní in, `Text Import Wizard` àti `DMY` ni kí akọ̀wé máa lò lóṣooṣù, kó má ṣe tẹ `.csv` lẹ́ẹ̀mejì mọ́.